Kọ́ọ̀lù di òdo, síbẹ̀ pọtẹ́ńṣà mi ò bá a mu: níbo ni mo ti ṣìnà?

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Wọ́n fún wa ní fẹ́kítọ̀ fíìdì yìí nínú tẹ́ẹ̀sì: F = (2xy + 3, x² + 2yz, y² + 4z). Wọ́n ní ká wá pọtẹ́ńṣà rẹ̀, ìyẹn f tó jẹ́ pé bí a bá dífárẹ́ńṣíétì rẹ̀ lórí x, y àti z, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta F ló máa jáde. Mo ṣe kọ́ọ̀lù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di òdo. Mo íntígírétì apá kìíní lórí x, apá kejì lórí y, apá kẹta lórí z, mo wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Máàkì 4 nínú 10 ni wọ́n fún mi, wọn ò sì kọ ohun tó burú síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣìnà? Àti pé, bí kọ́ọ̀lù bá ti di òdo, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí náà nìyẹn?

---

Lẹ́sìnnì Òkè-Ìjẹ̀bú

Àdùkẹ́, o ò jìnnà síbi tó yẹ kó o dé. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi rèé: íntígírétì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó o ṣe ṣe é yẹn, tò wọ́n sábẹ́ ara wọn, kó o wá mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni kó o kà á. P, Q àti R ni apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta F.

```
P, x:  x²y + 3x
Q, y:  x²y + y²z
R, z:  y²z + 2z²
```

x²y jáde lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ náà rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe y²z. Ká wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, f = x²y + 3x + y²z + 2z². Ìṣẹ́jú méjì ló gbà.

---

Tísà Ìjàpọ̀

Ìdáhùn tí ẹ kọ yẹn tọ̀nà. Ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ ni mi ò lè fọwọ́ sí, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yìí lóhùn ná.

Àdùkẹ́, mú ohun tí ìwọ kọ nínú tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn 2x²y + 3x + 2y²z + 2z², kí o dífárẹ́ńṣíétì rẹ̀ lórí x. 4xy + 3 ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ 2xy + 3 ni wọ́n fún ọ. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìdajì ìṣẹ́jú, òun ni ì bá sì ti sọ fún ọ nínú gbọ̀ngàn pé nǹkan ti wọ́. Ẹni tó bá wá pọtẹ́ńṣà rí gbọ́dọ̀ dá a padà sínú fíìdì tó ti wá, kó tó gbé bírò kúrò.

Wàyí o, nígbà tí o bá ń íntígírétì lórí x, ṣe ni y àti z dúró gbagidi bí nọ́ńbà lásán. Bí ẹlòmíràn bá sì ń dífárẹ́ńṣíétì lórí x, gbogbo ohun tí kò bá ní x nínú ló ń pòórá: 7 á pòórá, y²z á pòórá, 2z² náà á pòórá. Ìdí nìyẹn tí C tí a kọ́ yín ní sẹ́kọ́ńdírì kò fi tó níhìn-ín. Odindi fọ́nkíṣọ̀n tó ní y àti z nínú ló lè ti sọnù. Nítorí náà ohun tí a ó kọ ni:

```
f = x²y + 3x + g(y,z)
```

A ò tíì mọ g. Apá kejì ni yóò sọ ọ́. Dífárẹ́ńṣíétì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ lórí y, kí o fi bá Q dọ́gba:

```
x² + g_y = x² + 2yz
g_y = 2yz
g = y²z + h(z)
```

Ṣé o rí bí x² ṣe gé ara rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún lósì? Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí ojú rẹ wà. g kò ní x nínú, nítorí náà g_y kò gbọ́dọ̀ ní x nínú. Bí x kan bá ṣẹ́kù síbẹ̀, dúró níbẹ̀. Bóyá ìṣirò rẹ ló ṣì, bóyá fíìdì náà ni kì í ṣe kọ́nsáfétífù, ìyẹn ni pé kò ní pọtẹ́ńṣà. Èyí tiwa mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí apá kẹta:

```
y² + h' = y² + 4z
h' = 4z
h = 2z²
f = x²y + 3x + y²z + 2z² + C
```

C tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni nọ́ńbà lásán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ ni pé x²y ti wọlé látinú P, o tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ Q láti ìbẹ̀rẹ̀, x²y kan náà lo tún bá pàdé. O ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó gba ọwọ́ ẹni méjì kọjá.

---

Ọlọ́kadà Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Mo ṣe OND kí n tó gun ọ̀kadà, mo rántí pé wọ́n ní kọ́nsáfétífù ni pé ọ̀nà yòówù kéèyàn gbà, iṣẹ́ kan náà ni. Mi ò gbà. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, bí mo bá gba ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, epo tí mo ń jó yàtọ̀ pátápátá sí ti ìgbà tí mo bá gba ẹ̀yìn. Ibì kan náà ni mo ti gbéra, ibì kan náà ni mo dé. Níbo ni kọ́nsáfétífù wà nínú ayé yìí?

---

Tísà Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ lẹ sọ nípa epo, ṣùgbọ́n epo kì í ṣe ohun tí à ń bèèrè. Epo yín ń bá ìfaragbá táyà, ìjánu àti atẹ́gùn jà. Ipá wọ̀nyẹn kì í tilẹ̀ ṣe fíìdì lọ́nà tí a ń sọ yìí, torí pé wọn kì í wo ibi tí ẹ wà nìkan, ìhà tí ẹ dojú kọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n lè máa fà yín sẹ́yìn. Bí ẹ bá yípo padà síbi tí ẹ ti gbéra, wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà fún yín.

Òòfà ilẹ̀ lẹ lè wò. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, àti ẹni tó fọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ́n àpáta láti ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, tí wọ́n sì pàdé lójú ibì kan náà lókè, iṣẹ́ tí òòfà ilẹ̀ ṣe lára àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Gíga nìkan ló ń wò. Òógùn tí wọ́n là lè yàtọ̀, ìyẹn kì í ṣe ti òòfà.

---

Lẹ́sìnnì Òkè-Ìjẹ̀bú

Bàbá, mo gbọ́ àlàyé yín lórí g àti h, ó dára. Àmọ́ ibi tí ọ̀nà yín dé náà ni tèmi dé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi "mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan" kọ́ wọn, kò tíì já wa kulẹ̀. Ọmọ tí ìṣẹ́jú 40 ti ká mọ́, tí ìbéèrè márùn-ún ṣì wà níwájú rẹ̀, kò ráyè máa kọ g, kọ h. Bí kọ́ọ̀lù bá sì ti di òdo kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ló tún lè ṣẹlẹ̀?

---

Tísà Ìjàpọ̀

Ẹ bá mi fi ọ̀nà yín ṣe èyí:

```
P =  y/(x+y)²
Q = -x/(x+y)²
```

Ẹ kọ́kọ́ yẹ kọ́ọ̀lù rẹ̀ wò. P lórí y jẹ́ (x−y)/(x+y)³, Q lórí x náà jẹ́ (x−y)/(x+y)³. Wọ́n bára mu. Ẹ dúró sí ìhà tí x + y ti ju òdo lọ, kò sí ihò níbẹ̀, ìyẹn ibi tí ìsàlẹ̀ ìpín ti di òdo, kọ́nsáfétífù ni. Ẹ íntígírétì:

```
P, x:  -y/(x+y)
Q, y:   x/(x+y)
```

Ẹyọ méjì tí kò jọra rárá. Òfin yín ní kí á mú wọn méjèèjì, ó di (x−y)/(x+y). Ẹ dífárẹ́ńṣíétì rẹ̀ lórí x, 2y/(x+y)² ló máa jáde, ìlọ́po méjì ohun tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Àṣìṣe tí Àdùkẹ́ ṣe gan-an náà nìyẹn, aṣọ mìíràn ló wọ̀.

Ohun tó fà á ni pé ẹyọ méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, x/(x+y) + y/(x+y), ó di 1. Nọ́ńbà lásán ló là wọ́n láàárín. Ojú kò lè rí i pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan, òfin tó bá sì gbára lé kí ojú dá ẹyọ mọ̀ yóò ṣubú níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà g, −y/(x+y) + g(y) ni, ẹ dífárẹ́ńṣíétì rẹ̀ lórí y, ó di −x/(x+y)² + g′, g′ sì jẹ́ òdo. Ó parí, kò sí ohun tí ojú ní láti dá mọ̀.

---

Sọ́fíyọ̀ Òǹdó

Ẹ jẹ́ kí n mú tiwa wá láti orí ilẹ̀. Àwa tó ń ṣe lẹ́fẹ́lì, tó ń wọn gíga ilẹ̀, ọ̀rọ̀ pọtẹ́ńṣà yìí là ń jẹ, là ń mu. A máa gbéra láti orí bẹ́ńṣímáàkì, àmì tí a ti mọ gíga rẹ̀, a ó ka sítáàfù, ọ̀pá ìwọ̀n wa, a ó máa kọ gíga tó gòkè àti èyí tó sọ̀, títí a ó fi yípo padà sórí bẹ́ńṣímáàkì kan náà. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, nítorí pé ilẹ̀ kan kì í ní gíga méjì.

Níbi iṣẹ́ kan tí a ṣe lẹ́bàá Òǹdó, ìyípo kìlómítà 4, mítà kan gééré ló ṣẹ́kù nígbà tí a padà dé. Òfin tí a ń lò gbà wá láàyè mílímítà 12 lọ́nà gbòǹgbò iye kìlómítà, ìyẹn mílímítà 24. Mítà kan kì í ṣe àṣìṣe kékeré, ó sì gún régé jù kó jẹ́ ti oòrùn tàbí ti ẹ̀rọ. A padà sí ìwé, a bá a: ọmọ iṣẹ́ mi ka 1.36 níbi tí sítáàfù ti jẹ́ 2.36, igi ló bo nọ́ńbà pupa. A lọ tún ibẹ̀ kà, ó wá ku mílímítà 9.

Nítorí náà, tèmi ni pé kí Àdùkẹ́ fi kọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kó gbé fíìdì náà yípo lẹ́ẹ̀kan, kó ro iṣẹ́ tó ṣe lójú ọ̀nà pọ̀ títí yóò fi padà síbi tó ti gbéra. Bí ó bá di òdo, kọ́nsáfétífù ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

---

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé

Ọ̀gá sọ́fíyọ̀, ìyípo kan kò tó o. Gbogbo ìyípo tó ṣeé ṣe ló gbọ́dọ̀ di òdo, ẹnikẹ́ni kò sì lè rìn wọ́n tán. Ìyípo tó bá kọ̀ láti di òdo, ọ̀kan péré ti tó láti lé fíìdì jáde. Èyí tó di òdo ni kò tó láti gbà á wọlé. Ẹ má bínú, ìbéèrè kejì Àdùkẹ́ ni mo bá wá, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ yín nínú rẹ̀. Ohun yìí gan-an ló fìyà jẹ mí nígbà tí mo wà ní ipele kejì nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà.

Àbúrò, wo èyí:

```
P = -y/(x² + y²)
Q =  x/(x² + y²)
```

Ṣe é fúnra rẹ: P lórí y àti Q lórí x, (y² − x²)/(x² + y²)² ni méjèèjì. Kọ́ọ̀lù di òdo. Èmi náà rí òdo, mo kọ "kọ́nsáfétífù", mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún lọ wá pọtẹ́ńṣà rẹ̀ rí. Íntígírétì P lórí x, ó di −arctan(x/y) + g(y). Dífárẹ́ńṣíétì lórí y, ó di x/(x² + y²) + g′. g′ jẹ́ òdo. Gbogbo ohun tí Bàbá Tísà ní ká ṣọ́, mo ṣọ́ ọ. Kò sí x kankan tó ṣẹ́kù. Mo tún dá a padà, ó bá fíìdì mu. Síbẹ̀ wọ́n fagi lé e.

Gbé e yípo báyìí, lórí òbìrìkítí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1, tí (0,0) wà láàárín rẹ̀. x = cos t, y = sin t. Ohun tí o ó rò pọ̀ ni (−sin t)(−sin t) + (cos t)(cos t), 1 nìyẹn ní gbogbo ibi. Láti 0 dé 2π, ó di 2π, tó tó 6.28. O padà síbi tí o ti gbéra, ó sì ṣẹ́kù 6.28. Kì í ṣe àṣìṣe sítáàfù.

Ibi (0,0) ló fà á. Fíìdì náà kò sí níbẹ̀, torí pé òdo ni ìsàlẹ̀ ìpín. Ihò ni. Kọ́ọ̀lù ń yẹ ibì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá yí ihò po. Bí o bá sì fa òbìrìkítí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ihò náà kò sí nínú rẹ̀, òdo ló máa fún ọ. Ọ̀gá sọ́fíyọ̀, ìyípo yín nìyẹn: bó bá ṣe pé ibẹ̀ lẹ gbé e gbà, ẹ ó gbà á wọlé.

Pọtẹ́ńṣà tí mo rí ńkọ́? −arctan(x/y) kò sí lórí ìlà y = 0, x sì ń pín fún òdo níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè díẹ̀ sí ìlà náà lọ́wọ́ ọ̀tún, −π/2 ni. Rìn lọ sọ́wọ́ òsì láti òkè, ó di π/2. Sọdá ìlà náà, ó já wálẹ̀ lójijì sí −π/2. Rìn padà sọ́tùn-ún láti ìsàlẹ̀, ó tún di π/2. Ó gòkè π lẹ́ẹ̀mejì, 2π náà nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi fagi lé tèmi ni pé pọtẹ́ńṣà méjì ni mo ní, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, mo sì kọ wọ́n bí ẹyọ kan.

---

Lẹ́sìnnì Òkè-Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, mo ti fi bírò tọ̀ ọ́, òótọ́ ni 2π. Ó wá yé mi: bí ihò bá ti wà, kì í ṣe kọ́nsáfétífù. Èyí rọrùn láti kọ́ ọmọ, ìsàlẹ̀ ìpín nìkan ni wọ́n á máa wò.

---

Tísà Ìjàpọ̀

Rárá o, ẹ má kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ihò kì í dá ẹjọ́ ẹ̀bi. Ẹ̀rí tí kọ́ọ̀lù mú wá ni kò tó mọ́, ẹjọ́ ṣì wà níwájú. Ẹ wo ìbejì fíìdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí:

```
P = x/(x² + y²)
Q = y/(x² + y²)
```

Ihò kan náà, ibì kan náà. Pọtẹ́ńṣà rẹ̀ ni ½ ln(x² + y²), kò já níbi kankan yí ihò náà ká. Kọ́nsáfétífù ni. Lórí òbìrìkítí rédíọ́ọ̀sì 1, ohun tí ẹ ó rò pọ̀ ni cos t(−sin t) + sin t(cos t), òdo ni ní gbogbo ibi.

Ohun tí a ń ṣe nígbà tí kọ́ọ̀lù jẹ́ òdo tí ihò sì wà níbi tí fíìdì náà wà ni pé kí á gbé fíìdì náà yí ihò ọ̀hún po lẹ́ẹ̀kan. Níbí yìí, ìyípo kan ti tó fún ihò kan, torí kọ́ọ̀lù ti bá wa pa gbogbo ìyípo yòókù rẹ́. Nítorí náà, ọ̀gá sọ́fíyọ̀ kò jẹ̀bi tán. Ihò méjì, ìyípo méjì.

Bí ó bá jẹ́ ti x, y, z, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Òòfà tó ń fa nǹkan sí ibì kan ṣoṣo kò sí lójú ibẹ̀ gan-an, ihò ni, ṣùgbọ́n okùn tí ẹ bá fi yí i po, ẹ lè gbé e gba òkè rẹ̀ kọjá kí ẹ sì fà á jáde láìkan ihò náà. Ihò ojú kan kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tó léwu ni kí odindi ìlà sọnù, bí ìlà z, torí okùn tó bá yí òpó po kò ní ibi tí yóò gbà bọ́ tí òpó náà kò bá lópin.

---

Àdùkẹ́ Ọ̀yẹ́mẹ́kùn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún tèmi ṣe pẹ̀lú g àti h, ó jáde, mo sì dá a padà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Mo ní ohun kan tó ṣì ń dà mí láàmú. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ro íntígírà mẹ́ta pọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì fún un ní máàkì tó pé. Kí ló ṣe tí èmi ò ṣe?

---

Tísà Ìjàpọ̀

Mo lérò pé mo mọ ohun tó ṣe. Òun rìn ni, ìwọ kò rìn. Ó gbéra láti (0,0,0), ó gba ìlà x lọ, ó yà sí y, ó wá gun z. Nígbà tó ń rìn lórí x, kò tíì ní y tàbí z kankan, òdo ni wọ́n:

```
x: P(s,0,0) = 3         →  3x
y: Q(x,s,0) = x²        →  x²y
z: R(x,y,s) = y² + 4s   →  y²z + 2z²
```

Rò wọ́n pọ̀, f rẹ nìyẹn gan-an. 2xy inú P kò mú nǹkan kan wá torí y jẹ́ òdo nígbà náà, 2yz inú Q náà bẹ́ẹ̀ torí z jẹ́ òdo. x²y wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tó yà yín sọ́tọ̀ ni òdo tó fi sí ipò ohun tí kò tíì dé. Ọ̀nà yìí kò ní kí o mọ ẹyọ tó jọra, kò sì ní kí o kọ g. Ohun méjì ló ń bèèrè: kí ọ̀nà tí o gbà má kọjá nínú ihò, kí o sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kọ́nsáfétífù ni fíìdì náà, torí pé kò ní kìlọ̀ fún ọ. Fi ṣe (y, 2x), yóò fún ọ ní 2xy láìṣẹ́jú. Ọ̀nà g ni yóò fi hàn ọ́: xy + g(y), x + g′ = 2x, g′ = x. x wà nínú ohun tí kò yẹ kó ní x.

---

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé

Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi ń ṣe kọ́ọ̀lù mọ́ kí n tó íntígírétì. Bí g′ bá ti lè kìlọ̀, kí ni mo ń fi ìdọ́gba mẹ́ta ṣòfò sí? Mo máa bẹ̀rẹ̀ tààrà, tí x bá yọjú níbi tí kò yẹ, mo ti mọ̀.

---

Tísà Ìjàpọ̀

Èmi ṣì ń ní kí wọ́n ṣe kọ́ọ̀lù ṣáájú. Tí x bá yọjú nínú g′, ẹ ò mọ̀ bóyá fíìdì ló burú tàbí ọwọ́ yín ló ṣì íntígírétì. Ẹni tó ti rí òdo tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ òun ni, á padà lọ wá a. Mo ti rí ọmọ tó kọ "kì í ṣe kọ́nsáfétífù" sábẹ́ fíìdì tó dára, kìkì nítorí pé ó gbàgbé 2 kan.

---

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé

Ẹni tó lè gbàgbé 2 nínú íntígírétì lè gbàgbé rẹ̀ nínú kọ́ọ̀lù náà, sà. Ibi tí a dúró sí yàtọ̀, kò burú.

---

Sọ́fíyọ̀ Òǹdó

Mo gba ti ihò yẹn. Ṣé a lè rí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ gidi, níbi tí lẹ́fẹ́lì á ti yípo tí á sì máa gòkè láìdúró? Mo ti ń rò ó láti àná, mi ò rí ibi tó lè wà.

---

Tísà Ìjàpọ̀

Ẹ ò ní rí i, ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ìdí rẹ̀: ilẹ̀ kan kì í ní gíga méjì. Ti gíga, pọtẹ́ńṣà ti wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ti mágínẹ́ẹ̀tì yí wáyà iná po lẹ ó ti bá a. Àpẹẹrẹ Ìyá Ìbejì yẹn gan-an ni fíìdì mágínẹ́ẹ̀tì tó yí wáyà gígùn tó gún régé po, bí a bá yọ nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kúrò. Wáyà náà ni ìlà tó sọnù.

---

Lẹ́sìnnì Òkè-Ìjẹ̀bú

Mo ti fi y/(x+y)² fún mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mi ò sọ nǹkan kan fún wọn. Méjì kọ (x−y)/(x+y). Ẹnì kan dá tirẹ̀ padà, ó rí i pé ó di ìlọ́po méjì, ó wá ń bi mí bóyá ìwé ló ṣì í kọ. Láti Sátidé, g la ó máa kọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti kíákíá lè ṣe é, tó bá ti dá a padà lójú mi.